Bí ẹ ṣe lè fi àpèjúwe orí fóònù rìn láti etí títì dé oko inú igbó

Ẹni tó ń gbé oko kì í ronú kó tó rin ọ̀nà oko rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, tí ẹ bá pè é pé kó júwe ọ̀nà, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni yóò máa sọ, ohun tí ojú àlejò máa rí kì í wá sí i lọ́kàn. Yóò ní kí ẹ yà nídìí ìrókò, bẹ́ẹ̀ àwọn onígẹdú ti gé ìrókò náà lọ tipẹ́, orúkọ nìkan ló ṣẹ́kù síbẹ̀. Yóò ní kí ẹ kọjá odò, kò sì ní rántí sọ pé odò náà máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Yóò fo oríta kan pátápátá, torí pé lójú tirẹ̀, ọ̀nà kejì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà, ibi tí àwọn ọmọ ń gbà lọ pọn omi ni. Iṣẹ́ ẹni tó ń pè ni láti fi ìbéèrè wá ohun tí ojú àlejò máa rí jáde lẹ́nu rẹ̀, kó tó kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ sí Oǹdó ṣe àpẹẹrẹ, ní àárín Olódè sí Ifẹ̀tẹ̀dó, níbi tí oko kòkó pọ̀ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ó fẹ́ lọ bá bàbá kan, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, lóko nínú oṣù kìíní. Kò dé ibẹ̀ rí. Ọkọ̀ kò lè dé oko náà, ọ̀kadà pàápàá máa ń dúró lójú ọ̀nà. Fóònù ló ní, àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìpè náà

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ pè, nígbà tí bàbá bá ti ti ibi iṣẹ́ dé tó sì jókòó. Tí ẹ bá pè é lọ́sàn-án nígbà tó ń fọ́ kòkó lọ́wọ́, “máa bọ̀, kò jìnnà” ni ẹ máa gbọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì já mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ mú bébà àti bíró. Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ lé fóònù, torí bátìrì lè kú nínú igbó, bébà kì í kú.

Kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun nípa ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ fìdí ibi tí ẹ dúró sí àti ibi tí ẹ kọjú sí múlẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ àpèjúwe ti ń bàjẹ́. Bàbá máa ń ti oko jáde lọ sí ọjà Ifẹ̀tẹ̀dó, ẹ̀yin sì ń ti Ifẹ̀ bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lè jẹ́ ọwọ́ òsì yín. Báyìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa ṣe bèèrè:

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí mo kọjú sí Ifẹ̀tẹ̀dó, tí mo kọ ẹ̀yìn sí Olódè, ọwọ́ wo ni ọ̀nà oko wà?”

“Ọwọ́ ọ̀tún ni.”

“Kí ló wà ní ọwọ́ òsì mi nígbà náà, ní òdìkejì títì?”

“Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. O máa rí pátákó rẹ̀. Tó o bá sì yíjú sókè, òpó ìpè fóònù alágbèéká ńlá yẹn wà lẹ́yìn ilé ìwé.”

Ẹ wò ó pé ìbéèrè kejì wúlò ju ti àkọ́kọ́ lọ. “Ọwọ́ ọ̀tún” lè ṣe déédéé pẹ̀lú ìyànà mẹ́wàá lójú títì kan náà. Ìyànà tó ní ilé ìwé àti òpó ní òdìkejì rẹ̀ kò lè pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa gba àmì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má jẹ́ kó kó wọn dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí àmì kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta ni kí ẹ bèèrè. Báwo ló ṣe rí lónìí, tí ẹni tí kò mọ igi máa fi dá a mọ̀? Ìṣẹ́jú mélòó ló wà láàárín òun àti àmì tó ṣáájú rẹ̀, tí mo bá ń rìn jẹ́jẹ́? Ìkẹta ni àwọn ènìyàn kì í sábà bèèrè, òun ló sì ń gba ènìyàn là jù: tí mo bá ti kọjá rẹ̀ láìmọ̀, kí ni mo máa rí tó máa sọ fún mi pé mo ti ṣìnà?

“Tó o bá ti wọ ọ̀nà ilẹ̀ pupa yẹn, máa lọ tààrà títí o fi máa dé abà kan tó ní mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ọ̀nà á là sí méjì. Èyí tó fẹ̀ kọ́ ni o máa gbà, èyí tó tóóró lọ́wọ́ ọ̀tún ni.”

“Tí mo bá ṣèèṣì gba èyí tó fẹ̀ ńkọ́, Bàbá?”

“Háà! O máa dé odò kan tó ní afárá oníkọnkéré. Tó o bá ti rí kọnkéré, padà kíákíá. Afárá tiwa, igi gẹdú méjì ni wọ́n tò síra wọn.”

Ọ̀rọ̀ afárá oníkọnkéré yẹn, bàbá ò bá má sọ ọ́ láéláé ká ní wọn ò bi í, torí kò sí lójú ọ̀nà oko rẹ̀. Òun náà sì ni àmì tó dájú jù lọ nínú gbogbo ìpè yìí.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí ẹ gbà. Òkìtì èèpo kòkó máa ń yí ipò padà, torí ibi tí wọ́n bá ti fọ́ kòkó lọ́tẹ̀ yìí ni wọ́n ń kó o sí. Ọkọ̀ tó dákú lójú ọ̀nà, ewúrẹ́ tí wọ́n so, obìnrin tó ń ta àkàrà, gbogbo wọn lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Tí bàbá bá dárúkọ igi, ẹ bi í bóyá igi náà ṣì dúró, kí ẹ sì ní kó júwe ìdí rẹ̀: ṣé ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní apá-apá bíi ti àràbà, ṣé ẹ̀gún wà lára rẹ̀? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ewé, torí àràbà àti ìrókò máa ń wọ́ ewé lẹ́ẹ̀rùn, igi tí bàbá ń rí lọ́kàn bíi agboòrùn ńlá lè dúró níhòòhò lóṣù kìíní. Ohun tí ẹ lè gbà tọkàntọkàn ni àpáta, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ilé ìjọsìn, kànga, sàréè, àti pèrègún tí wọ́n fi pààlà oko. Pèrègún kì í tètè kú, kò sì sẹ́ni tó máa dédé hú u, torí ẹjọ́ ilẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí bàbá bá parí, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ padà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má kàn ní “mo ti gbọ́”. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń sọ ọ́ padà, ó ní, “Tí mo bá kọjá afárá, mo ń gòkè títí dé orí àpáta, mo sì ń lọ tààrà.” Bàbá dá a dúró: “Rárá o, kì í ṣe tààrà. Tó o bá dé orí àpáta, ọ̀nà á pòórá lójú ẹ. Wá ọ̀pẹ méjì tó dúró tira wọn létí àpáta lápá òsì, àárín wọn ni ọ̀nà gbà jáde.” Àṣìṣe tí ì bá náà án ní ọ̀sán kan gbáko nìyẹn.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀. Orúkọ wo ni wọ́n fi mọ bàbá ládùúgbò oko? Orúkọ tí ẹ̀yin mọ̀ lè má jẹ́ nǹkankan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, tàbí ìlú tó ti wá ni wọ́n fi ń pè é. Ṣé ọ̀nà náà fara rọ lásìkò yìí? Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ̀ tí nǹkan ò bá dáa, tó bá sì ṣiyèméjì, ẹ ní kó wá pàdé yín ní mọ́ṣáláṣí tàbí kí ẹ sún ìrìn náà síwájú. Níbo sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé lójú ọ̀nà? Wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n: “lórí àpáta yẹn dáadáa, lódò kò sí.”

Ohun tí ìwé náà jọ

Èyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe kúrú, tí àmì ìṣìnà sì wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlà náà:

1. Ilé ìwé àti òpó lọ́wọ́ òsì títì. Mo wọ ọ̀nà ilẹ̀ pupa lọ́wọ́ ọ̀tún.
2. Ìṣẹ́jú 15: abà tó ní mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà tóóró lọ́wọ́ ọ̀tún. Tí mo bá rí afárá oníkọnkéré, mo ti ṣìnà.
3. Ìṣẹ́jú 20, ilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀: afárá igi méjì. Tí mo bá ń gòkè kí n tó rí odò, mo ti ṣìnà.
4. Ìṣẹ́jú 10, mò ń gòkè: àpáta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Ọ̀pẹ méjì létí rẹ̀ lápá òsì, mo gba àárín wọn.
5. Ìṣẹ́jú 10: pèrègún lọ́wọ́ òsì ní ìlà gígùn. Mo tẹ̀lé e dé ilé onípáànù. Tí pèrègún bá tán kí n tó rí ilé, mo ti kọjá.

Ìṣẹ́jú 55 nìyẹn. Bàbá sọ pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni òun fi ń rin gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí: ìṣẹ́jú àgbẹ̀ yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú ará ìlú tó gbé báàgì lọ́wọ́, torí náà ìdajì ni ó kéré tán kí ẹ fi kún iye tó bá sọ. Lójú ọ̀nà oko tó ń gòkè tó ń sọ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni àlejò fi ń rin kìlómítà kan.

Àkókò tí ẹ máa kúrò

Ní apá ibí yìí, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ sí agogo méje ìrọ̀lẹ́ jákèjádò ọdún, ilẹ̀ sì máa ń ṣú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25 lẹ́yìn náà. Lábẹ́ igi kòkó, ó ń ṣú ṣáájú ìyẹn. Ẹ ṣètò kí ẹ dé etí títì kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Lásìkò yẹn àwọn ènìyàn ń lọ sóko, ẹ máa rí ẹni bi léèrè, tí ẹ bá sì ṣìnà, ẹ ní ọ̀sán gbogbo láti fi padà.

Ẹ sọ orúkọ ibi tí ẹ máa bọ́ sí fún dírẹ́bà nígbà tí ẹ bá wọlé, kí ẹ sì tún rán an létí tí ẹ bá ti rí Olódè. Tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀, ẹ má tíì wọ igbó. Ẹ dúró, ẹ wo ilé ìwé, ẹ wo òpó, ẹ pe bàbá: “Bàbá, mo ti bọ́ sílẹ̀. Pátákó ilé ìwé wà lọ́wọ́ òsì mi. Agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ ti lù. Tí ẹ ò bá rí mi títí agogo mọ́kànlá àbọ̀, ẹ máa bọ̀ lójú ọ̀nà.” Ìpè yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí níbẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágbára, bàbá sì ti mọ ìgbà tó yẹ kó máa retí yín.

Lójú ọ̀nà

Ẹ wo aago ní àmì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bébà. Aago ló máa sọ fún yín bóyá ohun tí ẹ rí yìí ni ohun tí bàbá ń wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kọjá mọ́ṣáláṣí, ó gba ọ̀nà tóóró, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló rìn tó fi dé kòtò oníyanrìn kan tó dà bí odò tó ti gbẹ. Kò sí igi méjì lórí rẹ̀. Ẹni tí kò wo aago á rò pé odò náà nìyí, pé wọ́n ti gbé afárá kúrò, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àpáta. Òun wo bébà: ìṣẹ́jú 20 ni bàbá wí, ilẹ̀ sì ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú. Ó kọjá kòtò náà, ó ń lọ. Odò gan-an wà nísàlẹ̀, omi rẹ̀ kò ju orí ẹsẹ̀ lọ, igi méjì náà sì wà lórí rẹ̀.

Kí ó tó dé ibẹ̀, ó bá oríta kan tí bàbá kò dárúkọ rárá. Ọkọ̀ onígẹdú ló la ọ̀nà tuntun níbẹ̀, ojú ọ̀nà tuntun náà sì fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Irú oríta bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú igbó kòkó. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má yára yan èyí tó fẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀. Ipa táyà ńlá tí koríko kò tíì hù sí, tí ipa ẹsẹ̀ ènìyàn kò sì pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé igi ni. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ dán, tí ipa táyà ọ̀kadà tóóró wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló ń lọ sí ibi tí ènìyàn ń gbé. Tí ojú méjèèjì bá jọra, ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka tútù kan, ẹ gbé e dábùú ẹnu èyí tí ẹ kò gbà, kí ẹ wá rin èyí tí ẹ yàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Tí ohun tó kàn lórí bébà kò bá bá ohun tí ẹ ń rí mu, bóyá ilẹ̀ ń gòkè nígbà tó yẹ kó máa sọ̀, ẹ padà síbi ẹ̀ka, ẹ gba ìkejì. Bàbá pàápàá lè bá yín ṣe èyí ṣáájú: ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ní kí ọmọ kan fi ẹ̀ka tútù dí ẹnu ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀.

Oòrùn náà ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni. Títì Ifẹ̀ sí Oǹdó forí lé ìhà gúúsù òun ìlà-oòrùn, nítorí náà ẹni tó bá yà sọ́wọ́ ọ̀tún ń lọ sí gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn. Ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ lóṣù kìíní, apá òsì ni oòrùn yóò ti máa ràn sí i. Ọ̀nà oko máa ń wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, ẹ má ṣe tìtorí ìyípadà kékeré bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá wà lójú yín gan-an fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lásìkò yẹn, ẹ ti yà sósì jù. Ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, ó ti ga sókè jù, ó sì ṣòro láti fi mọ ọ̀nà.

Lórí àpáta, ẹ ṣe bí bàbá ti wí. Ẹsẹ̀ kì í fi ipa sílẹ̀ lórí òkúta, ibẹ̀ ni àlejò ti ń ṣìnà jù. Ẹ dúró síbi tí ẹ ti gun orí rẹ̀, ẹ má tíì rìn káàkiri, ẹ wá ọ̀pẹ méjì náà pẹ̀lú ojú. Tí ẹ bá ti rí wọn, ẹ yíjú padà kí ẹ sì wo ibi tí ẹ gbà gòkè, ẹ gbé òkúta kékeré mẹ́ta lé ara wọn níbẹ̀, torí nígbà tí ẹ bá ń padà, ibẹ̀ ni ẹ máa wá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀: ẹ pe bàbá pé ẹ ti dórí àpáta. Tí ìpè kò bá wọlé, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ kékeré máa ń kọjá níbi tí ìpè kò ti lè kọjá.

Bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá pàdé

Ẹ kọ́kọ́ kí i: “Ẹ kú iṣẹ́ o,” kí ẹ jẹ́ kó dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ má bèèrè pé “Ṣé ọ̀nà oko Bàbá Lágbájá nìyí?” Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní “bẹ́ẹ̀ ni” nítorí wọn ò fẹ́ já yín kulẹ̀, tàbí nítorí wọn ò gbọ́ yín dáadáa. Ní abà àwọn Àgàtú tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kòkó, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lè má gbọ́ Yorùbá púpọ̀. Ẹ bèèrè pé: “Ọ̀nà wo ló lọ sí oko Bàbá Lágbájá?” kí ẹ sì jẹ́ kó fi ọwọ́ nà án. Tí ohun tó nà bá yàtọ̀ sí ohun tó wà lórí bébà, ẹ bi í ní àmì tó kàn: “Ṣé mo máa bá afárá igi méjì lọ́nà ibẹ̀?”

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má gé ọ̀nà kúrú gba inú oko olóko kọjá, kódà tí ẹ bá ń wo páànù ilé náà lókèèrè. Àwọn ọdẹ ń dẹ pańpẹ́ àti ẹbìtì kúrò lójú ọ̀nà, ewé ni wọ́n sì fi ń bò wọ́n. Tí ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta dábùú ẹnu ọ̀nà kan, ẹ má kọjá rẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí àlejò ń wọ̀, ẹ wá ọ̀nà mìíràn kí ẹ sì pe bàbá.

Tí àmì méjì bá ti kọjá lórí bébà láìjẹ́ pé ẹ rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má wá èyí tó kàn mọ́. Ẹ padà síbi àmì tó dá yín lójú kẹ́yìn, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ pè. Ẹni tó dúró sí mọ́ṣáláṣí rọrùn láti rí. Ẹni tó ń rìn káàkiri nínú kòkó, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Tí ó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kò tíì rí oko, títì ni kí ẹ forí lé. Tó bá jẹ́ ewu gidi ló ṣẹlẹ̀, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà.

Níbi pèrègún, tí ẹ bá ti ń gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké “Ẹ kú oko o!” kí ẹ tó yọ sí ojúlé, nítorí ajá. Tí bàbá bá fún yín lómi tán, ẹ mú bébà náà jáde, kí ẹ fi oríta onígẹdú àti kòtò oníyanrìn kún un, kí ẹ yí ìlà rẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀ sókè fún ìpadàbọ̀, kí ọ̀tún di òsì, kí òsì di ọ̀tún, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ti àlọ sílẹ̀ fún bàbá, kó lè máa kà á fún ẹni tó bá tún pè é.